Wákàtí Kan Àbọ̀ Nínú Omi Pàsífíìkì

Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Awakọ̀ orí ilẹ̀ tí nǹkan bá já bọ́ lára ọkọ̀ rẹ̀ yóò tẹ bíréèkì, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì fẹsẹ̀ rìn padà lọ mú un. Ní orí òkun, ọkọ̀ tí ìgbòkun ń fà yóò ṣì máa sáré lọ nígbà tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ bá ń pariwo pé kó dúró. Ká ní ó ń sá nọ́ọ̀tì mẹ́wàá, ìyẹn bí i kìlómítà 18 ní wákàtí kan, láàárín ìṣẹ́jú kan péré yóò ti fi ẹni tó ṣubú sílẹ̀ sẹ́yìn ní ọ̀ọ́dúnrún mítà. Orí ènìyàn tó yọ sójú omi kò sì tóbi ju àgbọn lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Derry~Londonderry~Doire lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2014 gan-an nìyẹn, ní agbedeméjì Òkun Pàsífíìkì, nígbà tó ń ti Qingdao ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà bọ̀ wá sí San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin ọmọ ọdún 46 kan láti Lọ́ńdọ̀nù ló ṣubú sómi. Bí i wákàtí kan àbọ̀ ló lò nínú omi tútù náà kí wọ́n tó fà á jáde láàyè. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ti sọ ìtàn náà lẹ́yìn náà, pàápàá Sean McCarter, ọmọ Donegal ní Ireland, tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ yẹ ní gbígbọ́ dáadáa, torí pé kì í ṣe agbára apá tàbí ìgboyà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ètò ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ohun tó tẹ̀ lé e, àti ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èrò tí ọkùnrin yìí jẹ́. Ìdíje Clipper ni wọ́n ń ṣe, èyí tí Sir Robin Knox-Johnston dá sílẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé ká ní òun nìkan láìdúró níbikíbi, tó sì parí ìrìn àjò náà ní ọdún 1969. Nínú ìdíje Clipper nígbà náà, ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ló jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ omi jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn yòókù jẹ́ dókítà, tíṣà, oníṣòwò, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sanwó kí wọ́n lè wọkọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á wá máa fa okùn, wọ́n á máa ṣọ́ ọkọ̀ lóru, wọ́n á máa dáná. Ìyẹn ni pé ẹni tó san owó ọkọ̀ náà ló tún ń ti ọkọ̀. Tí ewu bá wá dé, kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí yóò sáré jáde wá láti yàrá kan. Àwọn èrò ọkọ̀ fúnra wọn ni yóò yọ ara wọn.

Ọ̀sán ni, ní aago ibi tí wọ́n wà. Ojú ọjọ́ ti ń le bọ̀ láti òwúrọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ní nọ́ọ̀tì 35, tó sún mọ́ kìlómítà 65 ní wákàtí kan. Lórí ilẹ̀, irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ máa ń mi igi látòkè délẹ̀, ó sì ń mú kí ó ṣòro fún ènìyàn láti rìn takò ó. Lórí òkun tí kò sí erékùṣù tàbí òkè tó lè dí i lọ́wọ́, ó máa ń kó ìgbì jọ láti ọ̀nà jíjìn títí ìgbì náà yóò fi ga ju orí ènìyàn lọ dáadáa. Orí ìgbì náà á máa fọ́, á sì máa hó funfun. Fọ́ọ̀mù funfun yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, torí pé nígbà tí gbogbo ojú òkun bá ti kún fún nǹkan funfun tó ń yọ tó sì ń pòórá, ojú kì í lè yà ẹnì kan sọ́tọ̀ mọ́.

Nígbà tí atẹ́gùn bá ti le tó báyìí, ìgbòkun iwájú tí wọ́n ta ti tóbi jù, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u kí wọ́n sì ta èyí tó kéré jù ú lọ. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe láti ẹ̀yìn. Ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ sí imú ọkọ̀, níbi tí ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 70 ti ń gòkè tó sì ń já lulẹ̀ sínú ìgbì, tí omi á sì máa gba orí rẹ̀ kọjá. McCarter fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkùnrin yìí náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló ní okùn kúkurú tí ìkọ́ irin wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń so ara wọn mọ́ ọkọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní ibì kan lọ sí òmíràn ní láti tú u kó tó tún un so. Ní àkókò tí ìgbì dé, okùn ọkùnrin náà kò so mọ́ nǹkan kan. Omi gbé e, ó sì gbé e kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Kò bọ́ sómi láìfarapa. Ọkọ̀ ń sáré kọjá lára rẹ̀, bí ìdí ọkọ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìtọ́kọ̀ tó wà lábẹ́ omi gbá a lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tí yóò fi máa gbá omi ni ó ti fara pa yìí, kó tó di pé òtútù tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ omi máa ń tẹnu mọ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́, mo sì rò pé wọn kò sọ àsọdùn. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i gbọ́dọ̀ kígbe tó máa jí àwọn tó sùn nísàlẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ju ohun tó ń léfòó sómi, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí àsíá wà lórí rẹ̀, kí ibẹ̀ lè ní àmì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀rọ GPS, èyí tó máa ń fi àmì sí ibi tí ọkọ̀ wà ní ìṣẹ́jú náà. Ẹni kẹrin ni iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan: yóò na ọwọ́ sí ẹni tó wà nínú omi, kò sì ní gbé ojú kúrò lára rẹ̀ fún ohunkóhun. Tí wọ́n bá ní kó wá fa okùn, kò ní dáhùn. Tí ọkọ̀ bá yí, ọwọ́ rẹ̀ náà á yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ kò ní máa wo òkun, ọwọ́ ẹni yẹn ni yóò máa wò.

McCarter sáré láti imú ọkọ̀ padà sí ìdí, ó sì gba ìtọ́kọ̀. Dídá ọkọ̀ tó wúwo ju ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù lọ dúró kì í ṣe ohun tó rọrùn. Wọ́n ní láti dojú rẹ̀ kọ atẹ́gùn kí ìgbòkun lè pàdánù agbára, kí wọ́n sì fa àwọn ìgbòkun sílẹ̀ bí ìgbòkun náà ti ń dún bí ìlù lókè orí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbàlà ti ń bàjẹ́ sì nìyí. Nínú ìdàrúdàpọ̀ irú èyí, okùn máa ń já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tan ẹ́ńjìnnì láìkọ́kọ́ yẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wò, abẹ̀bẹ̀ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á wé okùn mọ́ra, á dákú, ọkọ̀ kò sì ní ní agbára kankan mọ́ láti padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn èrò ọkọ̀ Clipper pé kí wọ́n yẹ okùn wò bó ti wù kí ara máa gbóná tó. Dídúró wo okùn nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ ń rì gba ọkàn líle, àmọ́ òun ló yára jù.

Ní àkókò tí wọ́n parí gbogbo èyí, wọn kò rí i mọ́.

Ẹni tí kò tíì wà lórí òkun tó ń ru lè rò pé àìfojúsílẹ̀ ni. Rárá o. Ẹni tó wà nínú omi máa ń gun orí ìgbì fún bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á rì sínú kòtò tó wà láàárín ìgbì kan sí ìkejì. Ọkọ̀ náà ń gòkè, ó ń sọ̀. Kí àwọn méjèèjì tó lè rí ara wọn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ wà lókè. Tí ọ̀nà bá ti jìn ju bí ọ̀ọ́dúnrún mítà lọ, àǹfààní yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Àmì tí bọ́tìnnì GPS sì fi sílẹ̀ kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé ibi tí ọkùnrin náà ti ṣubú ni ó ń fi hàn, kì í ṣe ibi tó wà báyìí. Omi ń gbé e lọ, atẹ́gùn ń tì í. Bí àkókò ti ń kọjá ni ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá ń fẹ̀ sí i. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìdíje náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwákiri, gbogbo ojú ló wà níta.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ká wo ọkùnrin náà.

Omi apá ibẹ̀ ní oṣù Kẹta máa ń wà ní bí i 10 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì. Omi ọ̀sà Èkó tó bí i 28. Àwọn tó ń bá ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Mẹ́rínà kò mọ ohun tí omi mẹ́wàá ń ṣe fún ara, kò sì sí ìdí tí wọn ì bá fi mọ̀ ọ́n. Omi tútù yàtọ̀. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ̀mí máa ń já. Ara á mí sínú lójijì, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tí ẹnu bá sì wà lábẹ́ omi ní àkókò yẹn, omi ni yóò mí sínú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kú nínú omi tútù ni kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó bá la ìyẹn já ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ á ti sá kúrò ní ìka lọ sí àárín ara, ìka kò ní lè di okùn mú mọ́, kódà kò ní lè ṣí sípù. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ jù lọ á rì bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àyàfi tí láífù jákẹ́ẹ̀tì bá gbé e dúró. Lẹ́yìn bí wákàtí kan ni òtútù á wá dé inú ara gan-an, tí ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, tí ènìyàn á sì dákú.

Ọkùnrin náà lo wákàtí kan àbọ̀. Tí a bá fi ìṣirò òkè yìí wò ó, kò yẹ kó yè é. Ohun tó yí ìṣirò náà padà ni aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe aṣọ òjò lásán ni, aṣọ ìdènà omi ni, èyí tí rọ́bà tó fún pọ̀ wà ní ọrùn àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí omi kò sì lè wọ inú rẹ̀. Aṣọ náà fúnra rẹ̀ kò móoru. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí aṣọ abẹ́ àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ gbẹ, àwọn yẹn ló wá ń dí òtútù lọ́nà. Wíwọ̀ ọ́ nira, ó ń fún ènìyàn lọ́rùn, kò sì rọrùn láti fi í tọ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ máa ń fi í sílẹ̀ títí ojú ọjọ́ yóò fi burú gan-an. Lọ́jọ́ yẹn, ó wà lára rẹ̀.

Òjò yìnyín tún dé bá a níbẹ̀. Ìjì kékeré tó máa ń gba inú atẹ́gùn ńlá kọjá ni. Á dé pẹ̀lú ìkùukùu dúdú, atẹ́gùn á le sí i, yìnyín á máa já lu ojú omi bí òkúta wẹ́wẹ́. Fún ẹni tí orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta, kò sí ibi tí yóò sá sí. Fún àwọn tó ń wá a, yìnyín náà dà bí aṣọ tí wọ́n ta sójú òkun.

Ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lára láífù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló já wọn sí ọ̀nà. AIS ni wọ́n ń pè é. Kò tóbi ju fóònù kékeré lọ. Tí wọ́n bá ti tan án, eriali rẹ̀ á nà, á gba ibi tó wà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, á sì máa fi rédíò rán an sí ọkọ̀ tó bá wà nítòsí. Lójú kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, á yọ gẹ́gẹ́ bí àmì kan, pẹ̀lú ibi tó kọjú sí àti bó ti jìn tó. Ẹ má ṣe rò pé idán ni. Eriali náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan omi, nítorí náà ìró rẹ̀ kì í lọ ju máìlì díẹ̀ lọ, nígbà tí ẹni tó gbé e bá sì rì sínú kòtò ìgbì, ìgbì náà á dí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń rán iṣẹ́ náà léraléra ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan tàbí méjì nínú rẹ̀ lè bọ́ sí àsìkò tó wà lórí ìgbì. Nígbà tí àmì náà yọ, ìwákiri náà yí padà pátápátá. Kò sí pé wọ́n ń fojú wá gbogbo òkun mọ́. Wọ́n mọ ibi tí wọn yóò kọjú ọkọ̀ sí, wọ́n lọ tààrà sí ibẹ̀ títí ojú fi rí i.

Rírí i kọ́ ni mímú un. Ọkọ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ báyìí lè fọ́ orí ẹni tó wá gbà là. Wọ́n ní láti mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ tààrà, kí ara ọkọ̀ lè dí ìgbì díẹ̀, kí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì sì ti dúró kó tó súnmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní irú ipò tó wà yìí, kò sí àǹfààní pé kí wọ́n ju okùn sí i kó dì í mú, nítorí ìka rẹ̀ ti kú. Ètò tí wọ́n kọ́ lórí àwọn ọkọ̀ náà ni pé kí ọ̀kan nínú àwọn èrò wọ aṣọ ìdènà omi, kí wọ́n fi okùn tó ń lọ sí orí òpó ìgbòkun so ó, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi láti lọ de ìgbànú mọ́ ara ẹni tó ṣubú. Lẹ́yìn náà àwọn tó wà lókè á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí okùn fa àwọn méjèèjì gòkè.

Ewu tó kù kò hàn sójú. Nígbà tí ènìyàn bá wà nínú omi fún ìgbà pípẹ́, omi náà ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bá ọkàn rẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Tí wọ́n bá fà á jáde ní òró lójijì, ìtẹ̀sí yẹn á parẹ́, ẹ̀jẹ̀ á já sí ẹsẹ̀, ọkàn tí òtútù ti mú lè dúró. Àwọn kan ti kú lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà wọ́n là, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀ nínú omi. Nítorí náà, bí ó bá ti dé orí ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó rìn, wọn kò gbọ́dọ̀ máa ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé àwọn fẹ́ mú un móoru, torí pé ẹ̀jẹ̀ tútù ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lé padà sí ọkàn. Nígbà tí wọ́n fà á gòkè, wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sísàlẹ̀. Òtútù ti wọ̀ ọ́, jìnnìjìnnì bò ó, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ní ìmọ̀ ìtọ́jú nínú ọkọ̀ dúró tì í, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ọkọ̀ náà tẹ̀síwájú lọ sí San Francisco.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí tán kó rò pé ẹ̀rọ AIS ni ìdáhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, lórí òkun kan náà, nínú ìdíje kan náà, ìgbì gbé obìnrin kan kúrò lórí ọkọ̀ mìíràn nínú atẹ́gùn tó le tó ìyẹn. Òun náà kò so mọ́ ọkọ̀. Òun náà ní ẹ̀rọ náà lára, ẹ̀rọ náà sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó mú ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ohun tó lé ní wákàtí kan. Ó ti kú kí wọ́n tó dé. Nítorí pé ilẹ̀ jìnnà, wọ́n sin ín sínú òkun.

Okùn náà kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè so kó gbàgbé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ọkùnrin ọmọ ọgọ́ta ọdún kan wà ní imú ọkọ̀ Clipper mìíràn ní gúúsù Òkun Íńdíà, iṣẹ́ ìgbòkun iwájú kan náà ló ń bá àwọn èrò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó so ara rẹ̀. Ó ṣubú, okùn dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àmọ́ kí wọ́n tó fà á wọlé, ìkọ́ náà ṣí, òkun gbé e lọ. Wọ́n yọ ọ́ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, síbẹ̀ ó ti kú. Ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ojú omi, MAIB, yẹ ìkọ́ irin náà wò. Wọ́n rí i pé ó ti há sí abẹ́ irin kan tí wọ́n fi ń de okùn lójú pákó ọkọ̀, tí ìwúwo wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò kó wà lójú gígùn rẹ̀. Ìkọ́ tó lè gbé ẹrù tó wúwo gan-an tí wọ́n bá fà á tààrà tẹ̀, ó sì ṣí lábẹ́ ẹrù tó kéré gan-an sí ìyẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018 ni wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń lo irú okùn bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n wo ibi tí okùn tí wọ́n ń so ara wọn mọ́ gbà kọjá, kí ìkọ́ má baà rí ibi tí yóò há sí.